Kò Sí Àgbọ̀nrín Nínú Dò

Oscar Hammerstein, ará Amẹ́ríkà tó kọ ọ̀rọ̀ inú àwọn orin eré The Sound of Music, ló ní ká fi orin kan kọ́ ọmọdé ní orúkọ nóòtì méje: dò, re, mí, fa, sọ, la, ti. Ó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìró rẹ̀ jọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi í dárà. Ó rí i ṣe fún mẹ́fà. Nígbà tó kan "la", kò rí ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó ṣe ni pé ó kàn ní nóòtì tó tẹ̀lé "sọ" ni, ó sì gba ibẹ̀ kọjá. Eré náà bọ́ sórí ìtàgé ní New York ní 1959, Hammerstein kú ní ọdún tó tẹ̀lé e, fíìmù tí Julie Andrews ti kọ orin yìí sì jáde ní 1965. Láti ìgbà náà ni "la" ti wà bẹ́ẹ̀, ihò kan ṣoṣo nínú orin tí gbogbo ayé mọ̀.

Mo fẹ́ràn ihò yẹn. Bí ẹni tó ń fi èdè abínibí rẹ̀ kọ orin, tó sì lómìnira láti sọ ohunkóhun tó bá wù ú, bá lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀, kí ni kí ògbufọ̀ tó fẹ́ gbé orin kan náà lọ sí èdè mìíràn ṣe? Ohùn orin kò ṣeé yí padà. Iye sílébù kò ṣeé yí padà, nítorí méje gééré ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ nóòtì pàápàá kò ṣeé yí padà, nítorí òun gan-an ni ẹ̀kọ́ tí orin náà ń kọ́ni. Ìtumọ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù tí ọwọ́ rẹ̀ lè tún ṣe.

Ẹ wo ohun tí Hammerstein ṣe ná. Nínú eré náà, Maria ni olùtọ́jú àwọn ọmọ kan tí kò mọ orin kankan í kọ. Ó ní kí wọ́n fi nóòtì àkọ́kọ́ rántí abo àgbọ̀nrín, kí wọ́n fi èkejì rántí ìtànṣán oòrùn, kí ẹ̀kẹta jẹ́ orúkọ tí èèyàn ń pe ara rẹ̀, kí ẹ̀kẹrin jẹ́ ọ̀nà jíjìn, kí ẹ̀karùn-ún jẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú, kí èkeje sì jẹ́ tíì tí wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì. Létí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ nóòtì àti orúkọ nǹkan náà kò yàtọ̀ síra. Tí a bá wá túmọ̀ rẹ̀ ní olówuuru sí Yorùbá, tí a ní "dò ni abo àgbọ̀nrín", ọmọ tó bá ní làákàyè á bi wá pé báwo ló ṣe jẹ́. Àgbọ̀nrín kò sí nínú dò. Gẹ̀ẹ́sì ló so wọ́n pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ló sì máa tú wọn sílẹ̀.

Ní Jàpáànù, akọrin obìnrin kan tó ń jẹ́ Peggy Hayama ló fi èdè wọn kọ ọ́. Kò wá ọ̀rọ̀ tó jọ orúkọ nóòtì délẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló wá, bí ìgbà tí olùkọ́ iléèwé jẹ́-lé-ó-sinmi bá ní "a" ni ajá. Dò di dónọ́ọ̀tì. Re di òroǹbó wẹ́wẹ́, nítorí "remon" ni àwọn ará Jàpáànù ń pè é. Létí wọn, "r" àti "l" kò yàtọ̀. Mi di ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "gbogbo wa", fa di igbe tí wọ́n fi ń ki ara wọn láyà níbi ìdíje. La tó há Hammerstein lọ́rùn wá di "rappa", ìyẹn kàkàkí. Àwọn Faransé fi ẹ̀yìn èèyàn ṣe dò, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, wọ́n fi ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ṣe sọ, la sì di "ibẹ̀ yẹn". Ẹ̀dà Sípáníìṣì kan wà tó dùn mọ́ mi jù lọ. Ẹni tó kọ ọ́ rí ẹran ọ̀sìn fún re, ó rí oòrùn fún sọ, ó rí "bẹ́ẹ̀ ni" fún ti, tí wọ́n ń pè ní "si" lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé fa, ọ̀rọ̀ tán. Ó bá jẹ́wọ́ nínú orin pé báyìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe ọ̀nà jíjìn. Ihò tirẹ̀ nìyẹn, ó kàn wà níbi tó yàtọ̀ sí ti Hammerstein.

Ohun tí gbogbo wọn jọ mọ̀ ni pé àgbọ̀nrín kọ́ ni orin náà ń sọ. Peter Low, ọ̀mọ̀wé ará Niú Sílándì kan tó kọ̀wé púpọ̀ lórí ìtumọ̀ orin, ní nǹkan márùn-ún ni ògbufọ̀ orin ń dù lẹ́ẹ̀kan náà: kí orin náà ṣeé kọ lẹ́nu, kí ìtumọ̀ rẹ̀ má sọnù, kí ó dún bí ọ̀rọ̀ ọmọ onílé, kí ìlù rẹ̀ bára mu, kí ìparí ìlà sì máa jọ ara wọn níbi tó bá yẹ. Kò sẹ́ni tó lè gba ipò kìíní nínú máràrùn-ún. Ẹni tó bá ta kú lórí ọ̀kan á pàdánù mẹ́rin yòókù. Nínú orin Maria, ìtumọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ jù sílẹ̀, nítorí kò sí ohun tó máa bàjẹ́ nínú ìtàn náà bí àgbọ̀nrín bá di dónọ́ọ̀tì.

Kì í ṣe gbogbo orin ló rọrùn báyìí. Nínú The Pirates of Penzance, eré olórin tí Gilbert àti Sullivan gbé jáde ní 1879, olùtọ́jú ọmọ kan tí etí rẹ̀ ti ń di fi orin ròyìn pé wọ́n ní kí òun fi ọmọ náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ atukọ̀, àmọ́ òun gbọ́ ọ bí olè orí òkun, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí gbogbo ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ògbufọ̀ tó bá ju àrà yẹn sílẹ̀ kò ní ìtàn mọ́. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa nípa àrà tó bá ta kókó nìyí: kí ni yóò wó bí a bá yọ ọ́?

Ó ya, ká gbé orin Maria wálé. Ẹni tó bá gbọ́ pé èdè mìíràn kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ìyàn ọ̀rọ̀ ló máa mú wa. Òdì kejì rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe wa jẹ́ sílébù kan, kọ́nsónáǹtì kan àti fáwẹ́lì kan. Re, mì, fà, sọ, lá: gbogbo wọn ni à ń lò lójoojúmọ́. Ohun tó ń dá wa dúró ni ohùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ní kíláàsì Yorùbá mọ̀ pé dò, re, mí gan-an ni olùkọ́ fi ń kọ́ wa ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Bí orin bá gbé sílébù kan sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ní kó lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni etí máa gbọ́. Ìṣòro tó ba orin ìyìn àwọn ìjọ jẹ́ láyé àtijọ́ nìyí, nígbà tí wọ́n to ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ ohùn orin Òyìnbó láìwo ibi tó ń gòkè tàbí ibi tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó, kọ̀wé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì kọ orin ìjọ tó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Ìlà àkọ́kọ́ orin Maria, bí a bá yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò, dò-re-mí-dò-mí-dò-mí ló ń lọ. Nóòtì mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, àwọn mẹ́ta tí olùkọ́ Yorùbá fi ń kọ́ wa ní ohùn. Ẹni tó kọ ohùn orin náà, Richard Rodgers, kò mọ̀ pé àpẹẹrẹ ohùn Yorùbá lòun kọ sílẹ̀ yẹn: ìsàlẹ̀, àárín, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Ohun tó kù fún wa ni gbólóhùn oní sílébù méje tí ohùn rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, tí sílébù àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ dò. Èmi kọ ọ́ báyìí: "Dò, ẹní wẹ̀ á mọ̀ ọ́." Odò ni mo ní lọ́kàn, ẹni tó bá lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ló máa mọ bó ṣe jìn. Ẹ kọ ọ́ lóhùn orin náà, ẹ ó rí i pé kò sí sílébù kan tó ṣì gbọ́.

Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá. Dò nìkan kì í ṣe ọ̀rọ̀. Inú "etídò" àti "lódò" la ti ń gbọ́ ọ, níbi tí fáwẹ́lì iwájú rẹ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Akọrin lè sáré fi "o" kékeré ṣáájú nóòtì náà, àmọ́ nígbà náà ọmọdé á lọ máa pe nóòtì àkọ́kọ́ ní odò. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Níbi tí àrà ti rọ díẹ̀, kí ìlà tó kàn san gbèsè rẹ̀.

Re sì san án. Ìlà kejì gòkè lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró lójú kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún fò sókè: re-mí-fa-fa-mí-re-fa. "Re, ẹ jẹ́ ká re ìlú." Àwọn àgbà àti akéwì ṣì ń sọ pé àwọn ń "re" ibi báyìí, ọmọdé tó ti gbọ́ "ẹ jẹ́ ká relé" rí kò nílò àlàyé. Ìlà yìí gan-an ni mo fi mọ̀ pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ń lọ pọ̀ bí ẹni pé inú ilé kan náà ni wọ́n ti wá.

Níbi mí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Olùkọ́ ní mí ni ohùn òkè. Àmọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú orin yìí ń fi nóòtì kan ga ju ti iwájú rẹ̀ lọ, nóòtì tí ìlà fi bẹ̀rẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohùn Yorùbá kì í sì í wo bí nóòtì ṣe ga sí lórí dùùrù. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí akọrin bá ti ń bọ̀ láti orí fa, tó bọ́ sórí mí, tó sì tún gòkè lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni etí wa máa gbọ́. "Mì" ló dà. Mo gbà pẹ̀lú etí, mo sì kọ "Mì, iyán ìyá bàbá." Òkèlè ló dé, kí ọmọ gbé e mì. Àwọn ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ olùkọ́ èdè lè binú sí mi, nítorí ọmọ tó fi orin yìí mọ nóòtì lè lọ kọ ohùn ìsàlẹ̀ sórí mí nínú ìdánwò. N kò rí ọ̀nà tí orin kan ṣoṣo yóò fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ méjèèjì. Olùkọ́ orin ni mo bá lọ.

Fa ni mo fẹ́ lò láti fi hàn yín bí a ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Okùn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn: "Fà, ẹ wá ká fa okùn." Sílébù rẹ̀ pé méje. Lórí ìwé, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Àmọ́ níbi tí "okùn" bọ́ sí, orin ń fò sókè láti fa dé la, bẹ́ẹ̀ ohùn ọ̀rọ̀ náà ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ kò ní gbọ́ okùn mọ́. Òkun ló máa gbọ́, á sì máa rò ó bí wọ́n ṣe fẹ́ fa Àtìláńtíìkì. Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti fi dán irú ìlà bẹ́ẹ̀ wò ni kí èèyàn kọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé, kó ní kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. A kì í bi í pé ṣé ó yé e, nítorí ọmọlúàbí ló máa ní ó yé òun. Ìwé tó kọ ló máa sọ òótọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé ká gbé okùn kúrò níbi tí orin ti ń gòkè lọ síbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nínú ìlà yìí, láàárín sílébù kẹrin sí ìkẹfà ni orin ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní títẹ̀léra. Bí "okùn" bá wà ní ìkarùn-ún àti ìkẹfà, ara á tù ú. A wá ní sílébù mẹ́ta láti fi ṣáájú rẹ̀ lẹ́yìn fà, àti ẹyọ kan láti fi parí: "Fà, ẹ sáré, okùn já!" Ìtàn kékeré ló ti dà yìí, ó sì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí mo máa ń rí nìyẹn nínú iṣẹ́ yìí. Ìdè tí ohùn orin fi de ọwọ́ èèyàn ló ń fà á lọ sọ́dọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò bá má ronú kàn.

Láti orí sọ, orin yí ìwà padà. Akọrin bẹ̀rẹ̀ lókè, ó já lulẹ̀ dé dò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wá ń gun àkàsọ̀ bọ̀ ní nóòtì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni kí èèyàn ti ṣọ́ra. Ẹni tó bá ya ẹnu kéré, tó pe nóòtì yẹn ní "so", bí ohùn orin bá ti gbé e sókè, "só" ló dà. Ẹ kọ ìyẹn níwájú ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá orin náà á parí. Wọ́n á ti fọwọ́ dí imú. Kí akọrin ya ẹnu dáadáa, kó pè é ní "sọ", kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e sì bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀: "Sọ, ìtàn ẹyẹ ńlá." Ìsàlẹ̀ méjì, àárín méjì, òkè méjì. Sílébù mẹ́fà tó ń gòkè kò wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa, inú mi sì dùn nígbà tí ẹyẹ náà bà.

La wá kàn, ihò Hammerstein. Ìrìn kan náà lohùn orin rẹ̀ ń rìn: òkè, ìjálulẹ̀, ìgòkè. Níbi tó ga tó yẹn, "lá" ni etí Yorùbá máa gbọ́, kò sì sí ọmọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń lá. "Lá, ìkòkò oyin kún." Kò gba wàhálà kankan. Òye wa kò ju tirẹ̀ lọ. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí ọwọ́ fún un, bí ti dò, ni tiwa ti há mọ́wọ́. Èyí ló jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ní àrà inú orin kò ṣeé túmọ̀. Ní ẹyọ-ẹyọ, bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá ka gbogbo orin pọ̀, ohun tí a pàdánù níhìn-ín lè padà wá lọ́hùn-ún, níbi tí ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò ti rí nǹkan kan.

Ti ló kẹ́yìn. Ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni àrà Hammerstein gan-an ti wọ Yorùbá láìyí padà, nítorí àwa náà ti sọ ohun mímu yẹn di tíì tipẹ́. Ìjálulẹ̀ orin láti nóòtì kìíní sí ìkejì bá ohùn rẹ̀ mu wẹ́kú, òkè lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀. Ìlà méjì ló wà níwájú mi. Ọ̀kan ni "Tíì ò tíì gbóná", àrà tó jẹ́ ti Yorùbá pátápátá, tó fi ohun mímu àti "kò tíì" ṣeré nínú sílébù méje. Èkejì ni "Tíì àti búrẹ́dì", tí kò dára tó o rárá. Mo kọ méjèèjì lóhùn orin. Nínú ti àkọ́kọ́, tíì kejì bọ́ síbi tí orin ti ń gòkè, ó sì yí i po; kò jọ tíì àkọ́kọ́ mọ́, àbí kí ló kù nínú àrà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá dún bákan náà? Nínú èkejì, sílébù ìkẹyìn búrẹ́dì ló ṣì gbọ́, nítorí orí nóòtì tó ga jù lọ ló gbé e sí, níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀. Àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lédè wa tó jọ búrẹ́dì, ohunkóhun tó wù kí ohùn ṣe fún un. Búrẹ́dì ni mo mú.